Wọ́n ní owó íńtánẹ́ẹ̀tì wa máa gòkè, ṣé ó yẹ kí wọ́n gba ìfọwọ́sí wa ná?

Ìbéèrè: "Ẹ káàsán o ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi àti ìyàwó mi la ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà n'Ìkéré. Kọ́ńpìnnì tó ń fún wa ní wáyífáì fi ímeèlì ránṣẹ́ pé láti oṣù tó ń bọ̀ owó wa á kúrò ní ₦18,000, á di ₦25,000, pé tá a bá ṣì ń lò ó, a ti gbà nìyẹn. Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ láì gba ìfọwọ́sí wa?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi ímeèlì yẹn sílẹ̀ ná. Ìwé tẹ́ ẹ buwọ́ lù lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé ráútà sílẹ̀ fún yín ni kẹ́ ẹ wá jáde, torí inú ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ohun tẹ́ ẹ máa wò níbẹ̀ ni pé ṣé oṣù-dé-oṣù lẹ jọ ṣe àdéhùn sí àbí wọ́n so yín mọ́ iye àkókò kan, bíi oṣù 12 tàbí 24. Ìyàtọ̀ gidi wà láàárín méjèèjì o.

Tó bá jẹ́ oṣù-dé-oṣù, àdéhùn yín ń parí ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá tún sanwó ẹ tún ṣe òmíràn nìyẹn. Ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ yẹn, iye tí wọ́n fẹ́ tà á fún yín lóṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń sọ. Wọn ò nílò kẹ́ ẹ buwọ́ lùwé kankan kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ò sì ní gbèsè kankan lọ́rùn tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò rà mọ́. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín san ₦25,000 lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ka ímeèlì náà, ẹ ti gbà nìyẹn, kò sí agbẹjọ́rò tó máa gbà á padà fún yín.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n so yín mọ́ àkókò, tí wọ́n sì kọ iye owó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ṣé ẹ rí onílé tó ti gba owó ilé ọdún kan lọ́wọ́ yín, kò lè dédé wá ní oṣù kẹfà pé òun ti fi owó lé e, àfi tọ́dún bá pé. Bó ṣe rí náà nìyẹn. Kí wọ́n tó yí owó àárín àdéhùn padà, ẹ̀yin àti kọ́ńpìnnì lẹ gbọ́dọ̀ jọ gbà á, yálà ẹ gbà á báyìí, tàbí kó jẹ́ pé ẹ ti gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nínú ìwé yẹn pé tí báyìí báyìí bá ṣẹlẹ̀ kí wọ́n fi kún un.

Mo ń sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni o, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ní ibi kékeré kan níhìn-ín l'Ádó, lápá Báṣìrì, táwọn ọmọ ti ń fi kọ̀ǹpútà múra sílẹ̀ fún ìdánwò. Oṣù 12 ni mo bá kọ́ńpìnnì íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣe àdéhùn, mi ò ní dárúkọ wọn, ₦18,500 lóṣù, wọ́n ń yọ ọ́ lórí káàdì mi fúnra wọn. Wọ́n dín owó ráútà kù fún mi, wọ́n wá ní mi ò gbọdọ̀ kúrò kí ọdún tó pé, tí mo bá kúrò màá san owó ìtanràn. Ní àárín ọdún ni ìfitónilétí dé pé ó ti di ₦26,000.

Mo wá fọ́ọ̀mù tí mo kọ́kọ́ buwọ́ lù jáde. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé owó oṣooṣù yìí ò ní yí padà títí oṣù 12 á fi pé. Ojú ìwé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sọ nǹkan míì, níbi tí wọ́n kó àwọn òfin ìlò gbogbogbòò sí, ó ní àwọn lè yí owó padà nígbàkigbà táwọn bá ti fún èèyàn ní ìfitónilétí ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ̀yin náà lè bá irú ẹ̀ pàdé. Tí ìwé méjì bá ta ko ara wọn báyìí, èyí tí wọ́n kọ fún ẹ̀yin gan-an, tó ní orúkọ yín àti iye owó yín, ló máa ń borí èyí tí wọ́n kọ fún gbogbo ayé, tí ọ̀rọ̀ kan ò bá sì ṣe kedere, wọ́n máa ń túmọ̀ ẹ̀ ta ko ẹni tó kọ ọ́. Lóyà kan tó jẹ́ àbúrò mi ló ṣàlàyé èyí fún mi, orí ẹ̀ sì ni mo dúró sí.

Mo kọ ímeèlì sí wọn kí ọjọ́ tí owó tuntun máa bẹ̀rẹ̀ tó dé. Kò gùn rárá. Mo ní mi ò fọwọ́ sí owó tuntun, mo ya fọ́tò ìlà tó sọ̀rọ̀ oṣù 12 yẹn sí i, mo ní màá máa san ₦18,500 títí àdéhùn á fi parí, kí wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Wọ́n dáhùn pé NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì, ló fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni pé ní January 20, 2025, NCC gbà fáwọn kọ́ńpìnnì tẹlifóònù pé kí wọ́n fi owó lé e, kó má ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí NCC fún wọn, àṣẹ láti tà á lówó tuntun ni. NCC ò bá wọn buwọ́ lu ìwé tèmi tí àkókò ẹ̀ ò tíì pé. Ohun tí mo kọ padà sí wọn nìyẹn.

Wọ́n ṣì yọ ₦26,000 lóṣù yẹn. Mo fi áláàtì báńkì ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn kan náà, mo béèrè ₦7,500 tó lé, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí oṣù 12 pé tán, mo san owó tuntun láì jà, torí ìlérí tí wọ́n ṣe fún mi ti parí nígbà yẹn.

Ó ṣeé ṣe kí fọ́ọ̀mù tiyín má sọ pé owó ò ní yí padà, kó jẹ́ pé àwọn lè yí i padà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka ìlà yẹn gan-an. Tó bá sọ ohun tó máa fà á àti ibi tó máa mọ, bíi kó ní tí ìjọba bá yí VAT padà (7.5% ló wà báyìí) àwọn máa fi ìyàtọ̀ yẹn nìkan lé e, tó sì fún yín láyè láti kúrò láì san ìtanràn tẹ́ ẹ ò bá gbà, ìyẹn bójú mu, ẹ sì ti fọwọ́ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé "nígbàkigbà, fún ìdí yòówù" ló kọ síbẹ̀, tẹ́yin ò sì lè kúrò láì sanwó ìtanràn, ibẹ̀ lẹ ti ní ẹnu. Òfin tó ń gbèjà oníbàárà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, FCCPA, abala 127, sọ pé ilé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ fi àdéhùn tí kò tọ́ lélẹ̀ fún oníbàárà, ara ohun tó sì pè bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn tó tẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan jù. Ìlà yẹn ò ní dédé pa rẹ́ fúnra ẹ̀ o, ẹ̀yin lẹ máa tọ́ka sí i nínú ẹ̀sùn yín.

Ọ̀rọ̀ "tẹ́ ẹ bá ṣì ń lò ó ẹ ti gbà" yẹn náà ń kọ́? Ẹjọ́ àtijọ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1862, Felthouse àti Bindley, àwọn lóyà wa níbí máa ń tọ́ka sí i. Ọkùnrin kan kọ̀wé sí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé tóun ò bá ti gbọ́ nǹkan kan mọ́ nípa ẹṣin tí ọmọ náà fẹ́ tà, ó ti di tòun nìyẹn ní £30 àti ṣílè 15. Ọmọ náà ò fèsì. Kọ́ọ̀tù ní rárá, èèyàn ò lè fi dídákẹ́ ẹlòmíì ṣe àdéhùn fún un. Ẹ má wá sùn lé ìyẹn o, torí pé dídákẹ́ nìkan yàtọ̀ sí kéèyàn dákẹ́ kó tún máa lò ó, kó tún máa sanwó. Ẹni tó ń san ₦25,000 lóṣooṣù tí kò sọ nǹkan kan, ìwà ẹ̀ ti gbẹnu sọ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń ba ẹjọ́ àwọn èèyàn jẹ́, wọ́n á máa pariwo pé owó náà ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ò gbé yín débì kankan. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ MultiChoice tó ni DStv, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, fẹ́ dá wọn dúró kí wọ́n má fi owó lé sobusikiripiṣọ̀n lọ́dún 2025, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá wá sọ ní oṣù May ọdún yẹn pé FCCPC ò lágbára láti dá iye owó lé ilé iṣẹ́, pé Ààrẹ ni òfin fi agbára yẹn sí lọ́wọ́. Torí náà, ẹ má sọ pé "ó wọ́n". Ẹ sọ pé "ẹ ṣèlérí iye yìí fún mi títí di ọjọ́ yìí, mi ò sì gbà kẹ́ ẹ yí i padà", èyí ni wọn ò ní rí ibi gbà.

Tó bá jẹ́ káàdì ni wọ́n fi ń yọ owó yín, tí ẹ sì wà ní oṣù-dé-oṣù tẹ́ ẹ fẹ́ kúrò, ẹ yọ káàdì yẹn kúrò lórí àkáǹtì yín lọ́dọ̀ wọn kí oṣù tó parí, kẹ́ ẹ sì fi ímeèlì sọ fún wọn pé ẹ ti dúró. Tó bá jẹ́ oṣù 12, ẹ má gé owó náà kúrò pátápátá o, torí ìyẹn á fún wọn láǹfààní láti ní ẹ̀yin lẹ da àdéhùn, ẹ máa san iye àtijọ́ kẹ́ ẹ sì tọ́jú risíìtì. Tí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí wọ́n gé íńtánẹ́ẹ̀tì yín, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì yín lẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n fún yín ni NCC máa bi yín.

Ẹ lọ wo fọ́ọ̀mù yẹn lálẹ́ òní, ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ sì tẹ ohun tó sọ nípa iye oṣù àti nípa owó síbí, ẹ bo orúkọ àti nọ́ńbà yín o. Màá bá yín wo lẹ́tà tẹ́ ẹ máa kọ.