Ṣé kóńgò kan náà ni wọ́n fi wọn ọ̀pá méjèèjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Gààrì àti ìrẹsì ni mò ń tà ní ọjà Ìpàta, n'Ílọrin. Oníbàárà mi kan fi ṣáàtì ìròyìn kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀pá méjì ló wà níbẹ̀: ti oṣù Kejìlá 2024, 34.80%, ga fíofío. Ti oṣù Kìíní 2025, 24.48%, kò ju kùkùté lọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé owó ọjà ti wálẹ̀. Ó ní mo ń rẹ́ àwọn jẹ ni bí n kò ṣe dín owó. Kí ló yẹ kí n bi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kí n tó gbà á gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, Màmá. Iye méjèèjì yẹn tọ̀nà. Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ ló gbé wọn jáde. Àkọlé tí wọ́n kọ lé wọn lórí ni kò tọ̀nà, ó sì dùn mí pé òun ni wọ́n fi ń bá yín jà.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi í ni pé kóńgò wo ni wọ́n fi wọn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹ fi kóńgò ńlá wọn àpò gààrì kan, ó fún yín ní ogójì. Ẹ wá gbé kóńgò kékeré, ẹ fi wọn àpò yẹn kan náà, ó di àádọ́ta. Gààrì kò lé ẹyọ kan. Kóńgò ló yàtọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù méjèèjì yẹn nìyẹn. NBS pààrọ̀ kóńgò. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ọjà ṣe ń wọ́n sí, wọ́n á to oríṣiríṣi nǹkan tí à ń rà jọ, wọ́n á sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó tí à ń ná lé e ṣe pọ̀ tó. Lórí òṣùwọ̀n àtijọ́, tó bẹ̀rẹ̀ láti 2009, oúnjẹ gba bíi ₦51.80 nínú gbogbo ₦100. Lórí tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ láti 2024, ó gba bíi ₦40.10. Oúnjẹ sì ni ó ń yára wọ́n ju àpapọ̀ lọ nígbà náà: 39.84% ni tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá yẹn. Tí ìpín ohun tó ń sáré jù bá dín kù, àpapọ̀ náà á wálẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá dín kọ́bọ̀ lọ́jà. Pípààrọ̀ yìí kì í ṣe èrú o. Bí a ṣe ń náwó ní 2009 kọ́ là ń náwó lónìí, ó sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Àṣìṣe ni kí oníròyìn to ọ̀pá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìfàlà sáàárín.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwòrán, níbi tí lẹ́tà ti kéré. Tí ẹ bá rí `November 2009 = 100` fún ọ̀kan, tí ẹ rí `2024 = 100` fún èkejì, ẹ ti mọ̀ pé kóńgò méjì ni. Tí wọn kò bá kọ nǹkan kan, kí ọmọ yín bá yín wo ìwé NBS fúnra rẹ̀ lórí `nigerianstat.gov.ng`. Oṣù tí a fi kóńgò tuntun wọ̀n nìkan ni kí ẹ fi wéra: 24.48% ní oṣù Kìíní 2025, 23.18% ní oṣù Kejì, 24.23% ní oṣù Kẹta. Ó wálẹ̀ díẹ̀, ó tún gòkè padà. Ìyẹn jìnnà sí ohun tí àwòrán yẹn ń pariwo.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé kí gan-an ló ń kà. Kì í ṣe owó ọjà, bí owó ọjà ṣe ń yára gòkè láti ọdún kan sí èkejì ni. Ọkọ̀ tó ń gun Òkè Sóbì, tó wá dín eré kù, kò tíì yí padà. Ó ṣì ń gòkè. Bó bá jẹ́ 24.48% náà ni, ọjà tí a ra ní ₦1,000 lọ́dún tó kọjá ti di nǹkan bíi ₦1,245. Iye yẹn sì jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà pọ̀. Kò lè sọ iye tí ẹ ń ra àpò gààrì kan ní Ìpàta. Bí owó tí ẹ̀yin fúnra yín fi ń ra àpò bá ti já, ìyẹn ni oníbàárà lè fi bá yín sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kùkùté tí ẹ sọ yẹn ló tún jẹ́ kí n fura. 24.48 jẹ́ nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá 34.80, nítorí náà ọ̀pá kejì yẹ kó ga dé ibi tó ju ìdajì èkíní lọ dáadáa. Ó jọ pé láti 20 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀pá náà, kì í ṣe láti òdo. Nígbà náà, 14.80 nìkan ló máa hàn lára èkíní, 4.48 péré lára èkejì. Tí oníbàárà yẹn bá padà wá, ẹ ní kó fi ìka kan nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lápá òsì àwòrán náà, kó kà á sókè fún yín.