Ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì tó ń yọ lójú fóònù: ibo gan-an ni ewu wà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mò ń ka ìròyìn lórí fóònù Android mi ni ojú rẹ̀ bá ṣàdédé pupa. Ó ń dún, ó ń gbọ̀n, ó ní fáírọ́ọ̀sì 4 ti wọ inú rẹ̀, ó tún dárúkọ irú fóònù tí mò ń lò. Mo tẹ Allow, mo sì pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ẹni tó gbé e ní kí n gbé AnyDesk sórí fóònù. Ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n fi káàdì ẹ̀bùn sanwó. Mi ò san, mo gé ìpè náà. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yẹn ò yéé yọ. Ṣé kí n kúkú pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù náà rẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pa dátà àti Wi-Fi, kí ẹ sì yọ AnyDesk kúrò, torí òun ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gan-an. Ìkìlọ̀ tó ń yọ yẹn lè dúró ná.

Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ìwé orí ayélujára ò lè yẹ fóònù wò. Àyè tirẹ̀ ni Chrome máa ń sé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́. Kò rí fọ́tò yín, kò rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ àwọn áàpù tó wà lórí fóònù. Orúkọ fóònù tó pè, Chrome fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ fún ìkànnì tó bá béèrè. Nọ́ńbà tí fóònù fi wọ ayélujára, tí wọ́n ń pè ní IP, ló ń jẹ́ kó mọ agbègbè tí ẹ wà àti ilé-iṣẹ́ tó ń fún yín ní dátà. Gbígbọ̀n náà ò ju àṣẹ kékeré kan tí Chrome ń gbà láti ọwọ́ ìkànnì lórí Android, bí ẹ bá ti fọwọ́ kan ojú ìwé náà. Fáírọ́ọ̀sì 4 yẹn, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Bí ẹlòmíì bá ṣí ojú ìwé kan náà lórí fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú páálí, 4 náà ni yóò kà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni aago tó máa ń kà sẹ́yìn lórí irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀: tí ẹ bá tún ojú ìwé náà ṣí, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ìkìlọ̀ náà fúnra rẹ̀ ò ba fóònù yín jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ẹ pe nọ́ńbà yẹn. AnyDesk kì í ṣe áàpù burúkú o. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ọ̀nà jíjìn ń lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ fún ẹni náà, tí ẹ sì gbà kó wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó hàn lójú fóònù yín ló ń hàn lójú tirẹ̀ náà.

Láti yọ ọ́, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Apps, ẹ tẹ AnyDesk, kí ẹ tẹ Uninstall. Ẹ wò ó bóyá áàpù kejì wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ní AnyDesk àti Plugin nínú. Òun ló ń jẹ́ kí ẹni ọ̀nà jíjìn lè fọwọ́ tẹ nǹkan lórí fóònù, dípò kó kàn máa wò. Ẹ yọ òun náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí Accessibility nínú Settings. Ohunkóhun tó bá wà ní títàn níbẹ̀ tí ẹ ò mọ̀, ẹ pa á, torí áàpù tó bá ní àṣẹ yìí lè ka ohun tó wà lójú fóònù, ó sì lè tẹ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀.

Ẹ wá rántí dáadáa: kí lẹ ṣí nígbà tó ń wò? Tó bá jẹ́ Settings nìkan, ohun tó rí ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí ímeèlì, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà, láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn, torí ímeèlì ni wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ìyókù. Ẹ tún lọ sí myaccount.google.com, ẹ wo Your devices lábẹ́ Security, kí ẹ lé ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiyín jáde. Ọ̀pọ̀ áàpù báńkì máa ń dúdú fún ẹni tó ń wo ojú fóònù láti ọ̀nà jíjìn, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kóòdù tí báńkì fi ránṣẹ́ nípa àtẹ̀jíṣẹ́ lè yọ lókè fóònù fàlàlà. Tí irú rẹ̀ bá yọ lákòókò yẹn, ẹ pe báńkì lónìí, ẹ lo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín.

Ó ku ìkìlọ̀ tó ń yọ. Allow tí ẹ tẹ̀ ló fún ìkànnì náà láyè láti máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́, kódà tí ẹ bá ti pa ojú ìwé náà dé. Nígbà tí ọ̀kan bá tún yọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lásán. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ Chrome ló hàn níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìkànnì kan, ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àmì ìdánudúró mẹ́ta tó wà lókè, ẹ lọ sí Settings, Site settings, kí ẹ wá tẹ Notifications. Ẹ ó rí ìkànnì náà lábẹ́ àwọn tí ẹ fún láyè. Ẹ yọ ọ́, yóò dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ áàpù mìíràn ló hàn, áàpù yẹn ni kí ẹ yọ. Ẹ tún ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ tẹ Play Protect, kí ẹ tẹ Scan. Èyí ń yẹ àwọn áàpù wò ní tòótọ́, torí orí fóònù ló wà.

Ìgbà wo wá ni pípa gbogbo rẹ̀ rẹ́ tọ́? Tí ẹni náà bá fi líǹkì ránṣẹ́ tí ẹ fi gbé áàpù wọlé láìgba Play Store, tàbí tí áàpù kan bá kọ̀ láti kúrò, tàbí tí Accessibility tí ẹ pa bá tún ń tan ara rẹ̀. Nígbà náà, ẹ kó fọ́tò àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín pamọ́, ẹ pa ìyókù rẹ́, kí ẹ sì máa gbé áàpù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti Play Store. Ẹ má jẹ́ kí fóònù kó gbogbo ti àtijọ́ padà, torí èyí tí ẹ ń sá fún lè bá wọn wọlé. Pẹ̀lú ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí, mi ò rò pé ó dé ibẹ̀.

Tí irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tún dé, bọ́tìnnì ẹ̀yìn lè má ṣiṣẹ́, torí ojú ìwé náà ti to ara rẹ̀ léra lọ́pọ̀ ìgbà sínú ibi tí Chrome ń padà sí. Ẹ pa dátà, ẹ lọ sí Settings, Apps, Chrome, kí ẹ tẹ Force stop. Tí ẹ bá tún ṣí Chrome, ẹ pa ojú ìwé náà dé kí ẹ tó tan dátà.

Ẹni tí ẹ pè yẹn ti ní nọ́ńbà yín báyìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì pè láìpẹ́, kó ní láti báńkì ni tàbí láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù yín, kó sì béèrè kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tàbí kó ní kí ẹ dá AnyDesk padà. Ẹ gé e, kí ẹ fúnra yín pe báńkì.