Koha ní ìwé wà, pẹpẹ ní kò sí: báwo la ṣe ń ka iye ìwé ilé ìkàwé?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwé, sọ pé ìwé 1,850 ló wà nílé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ girama wa, àmọ́ àwọn ọmọ ń wá ìwé tí kọ̀ǹpútà ní ó wà, wọn ò rí i. A fẹ́ ka iye wọn nígbà ìsinmi. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀, kí la sì máa ṣe sí àwọn tó bá sọnù?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fọwọ́ kan sikánà. Pẹpẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ tò. Ẹ máa ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé láti òsì sí ọ̀tún, láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ sì máa dá èyí tó ṣìnà padà sáàyè rẹ̀. Ibi tí àwọn ọmọ tó ń bá wa to ìwé ti máa ń ṣì í ni ẹ̀yìn kókó kékeré tó wà láàárín nọ́ńbà. Wọ́n á gbé 896.34 ṣáájú 896.333, torí lójú wọn, 333 pọ̀ ju 34 lọ. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: 3 àti 3 dọ́gba, 3 tó tẹ̀ lé e kéré sí 4, nítorí náà 896.333 ló ṣáájú. Bí ẹ bá fo títò yìí, ìwé tó wà nínú ilé gan-an ni Koha á máa pè ní ìwé tó sọnù, ẹ ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan wá ohun tí kò sọnù.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú pẹpẹ ní ìpín ìpín, kí ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní ìwé inú ìpín tí ẹ ń kà lọ́wọ́. Ẹ máa sikáànì báákóòdù sínú fáìlì kan, ọ̀kan lórí ìlà kan. Nínú `Inventory`, ẹ kó fáìlì náà fún Koha, ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìpín yín sí `Item callnumber between`, kí ẹ sì mú `Compare barcodes list to results`. Ẹni tí kò bá mú èyí, Koha á kàn kọ ọjọ́ tó rí ìwé sílẹ̀ fún un ni, kò ní dárúkọ èyí tí kò rí. Bí ìwé tí kọ̀ǹpútà ní ó ṣì wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó sórí pẹpẹ, Koha á gbà á padà bí ẹ ṣe ń kó fáìlì yẹn wọlé, àfi bí ẹ bá ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó bá kọ `Missing (not scanned)` sí ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kù lórí wọn. Nílé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti bá wọn kà á, ìwé 64 ni kátálọ́ọ̀gì ní ó wà ní 896.333, ìyẹn lítíréṣọ̀ Yorùbá. A rí 57, ó ku 7. Méjì nínú wọn wà ní 496.333, pẹpẹ èdè Yorùbá. Nọ́ńbà méjèèjì jọra lójú ẹni tó ń kánjú. Ọ̀kan wà nínú páálí àwọn ìwé tó ya tí a fẹ́ lẹ̀. Ọ̀kan ti já sáàárín pẹpẹ àti ògiri, eruku ti bò ó. Méjì wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: ọjọ́ tí iná ò sí ni wọ́n yá wọn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbé e dé inú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ṣoṣo ló sọnù lóòótọ́. Ẹ wo bí ì bá ti rí ká ní a ti pa gbogbo 7 rẹ́ nínú kátálọ́ọ̀gì lọ́jọ́ yẹn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ìwé rẹ́ nígbà ìkà àkọ́kọ́. Ẹ lọ sí `Edit items`, kí ẹ yí `Lost status` rẹ̀ sí `Missing`. Bí ẹ bá tún mú `hidelostitems` nínú ètò Koha yín, ọmọ tó ń wá ìwé kò ní rí i mọ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ yín.

Ẹ ó tún rí òdì-kejì rẹ̀: ìwé wà lọ́wọ́ yín, àmọ́ ohun tí kátálọ́ọ̀gì sọ nípa rẹ̀ yàtọ̀. A rí ìwé àlọ́ kan tí wọ́n lẹ 896.333 mọ́ lẹ́yìn, tí kátálọ́ọ̀gì sì ní 398.2. Ẹ má kàn yí kọ̀ǹpútà pa dà kó lè bá ẹ̀yìn ìwé mu. Ẹ ṣí ìwé, ẹ wo ohun tó dá lé lórí. 398.2 ni ibùgbé àlọ́, nítorí náà bébà ẹ̀yìn ìwé la yí, a ò fọwọ́ kan kátálọ́ọ̀gì. Bí ẹ̀dà méjì bá sì ń lo báákóòdù kan náà, Koha ò lè mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ́jísítà tí wọ́n kọ sínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fún ọ̀kan ní báákóòdù tuntun.

Èyí tó bá ṣì jẹ́ `Missing` nígbà tí ẹ bá tún kà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ yọ ọ́ nígbà náà. Bí ẹ̀dà mìíràn bá ṣì wà, ẹ̀dà tó sọnù nìkan ni kí ẹ yọ. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ yọ àkọlé náà pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́ síwájú nọ́ńbà rẹ̀ nínú rẹ́jísítà.