Ìbéèrè ní Faransé: inú “vous” ni ọ̀wọ̀ wà

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún 22 ni mí, mo fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnu lóṣù tó ń bọ̀. ‘Avez-vous’ ni ìwé mi kọ́ mi, ṣùgbọ́n ‘Vous avez’ ni mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn, àwọn mìíràn á tún fi ‘Est-ce que’ síwájú. Èwo ni kí n máa lò tí wọn ò fi ní pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́?”

Àbúrò mi, ọdún mẹ́rin ni mo fi ta aṣọ ní Kútọnu, ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù yìí gan-an ló kọ́kọ́ bá èmi náà. Èrò mi nígbà náà ni pé ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀-ìṣe ṣáájú arọ́pò-orúkọ ló ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, mo rí ìyá onílé wa tó gbé omi bọ̀, mo bá ní: “Veux-tu de l'aide ?”, ìyẹn ni pé, ṣé o fẹ́ ìrànlọ́wọ́? Inú mi dùn pé gíráma mi pé. Màmá wò mí, wọn ò dá mi lóhùn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọ wọn pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní mo bá ìyá òun sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

“Tu” ni “o” tiwa, “vous” ni “ẹ”. Bó ti wù kí n yí gbólóhùn yẹn po tó, “o” ni mo pe àgbàlagbà. Ká ní “Vous voulez de l'aide ?” ni mo sọ, tí mo sì gbé ohùn sókè níparí, màmá ì bá gbé korobá fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú “vous”. Bí o ṣe to ìbéèrè rẹ ló ń fi ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ hàn, yálà ọjà ni, tàbí ilé, tàbí ọ́fíìsì, tàbí inú lẹ́tà.

“Est-ce que” ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹnu wa ti mọ irú rẹ̀ tipẹ́. “Ṣé” wa ni. Nígbà tí a bá ní “Ṣé o ń bọ̀?”, “o ń bọ̀” ò yí padà rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Est-ce que tu viens ?”: “tu viens” wà bó ṣe wà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń pè é, bí “ẹs-kẹ”, má ṣe já a sí mẹ́ta. Bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀lé e, “e” tó parí “que” á jábọ́: “Est-ce qu'elle vient ?” Ó tún bá “ni” wa mu nínú ìbéèrè tó ní ọ̀rọ̀ ìbéèrè. “Níbo ni o ń gbé?” ni “Où est-ce que tu habites ?” “Kí ni o rà?” ni “Qu'est-ce que tu as acheté ?” Ìgbà tí mo rí i pé ibi tí “ni” jókòó sí ni “est-ce que” náà jókòó sí, n kò há a sórí mọ́. O lè lò ó lọ́jà, o lè lò ó níwájú ọ̀gá, kò sí ẹni tó máa yí ojú sí ọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni kéèyàn tún wá yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀: “Est-ce que viens-tu ?” Ìyẹn dà bí ẹni tó sọ “ṣé” lẹ́ẹ̀mejì nínú ìbéèrè kan.

Fífi ohùn nìkan béèrè ìbéèrè ló fìyà jẹ mí jù, torí pé Yorùbá ni mí. Ohùn wa ti níṣẹ́ lọ́wọ́: òun ló ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀, nítorí náà a kì í ṣàdédé gbé e sókè. Faransé kò fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, odindi gbólóhùn ló fi ń yí sí ìbéèrè. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Dantokpa, mo na 10,000 fransi sí ìyá alátà kan, mo ní “Vous avez la monnaie”. Ó fajú ro: “Qui vous a dit ça ?” Ìyẹn ni pé, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Mo fẹ́ bi í bóyá ó ní ṣéńjì, àmọ́ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni pé mo ń sọ fún un pé ó ní ṣéńjì.

Dò re mí wa náà ni mo fi tún un ṣe. Fi re sọ gbogbo rẹ̀ títí dé “mon”, kí “naie” nìkan bọ́ sí mí. Bí o bá fi dò parí rẹ̀, o ti ròyìn, o ò béèrè. Má gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè o, òpin nìkan ni. Bí ẹni tí o bá sọ̀rọ̀ bá kàn mi orí, tàbí tó ní “Ah bon”, mọ̀ pé ohùn rẹ kò gòkè tó. Tún un sọ, kí o fi “Est-ce que” síwájú.

Ibi tí yíyí ọ̀rọ̀ padà wúlò ni lẹ́tà, ìdánwò, àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Jẹ́ ká fi ìbéèrè kan ṣe é: ṣé ọjà náà ti dé? Lórí fóònù, mo máa sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé “La marchandise est arrivée ?” Mo máa sọ fún akọ̀wé ilé iṣẹ́ pé “Est-ce que la marchandise est arrivée ?” Nígbà tí mo fẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo kọ “Est arrivée la marchandise ?”, wọ́n sì fi ìlà pupa fà á. Ọ̀rọ̀-orúkọ kì í kúrò níwájú níbẹ̀. Òun ló máa ṣáájú, “est” á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni àmì ìdè àti arọ́pò-orúkọ tó bá a mu, kí “arrivée” wá parí rẹ̀: “La marchandise est-elle arrivée ?” “Elle” ni, torí pé abo ni “marchandise”. Bí ẹni tó ní “Ọjà náà, ṣé ó ti dé?” ló rí.

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá parí sí fáwẹ̀lì níwájú “il”, “elle” tàbí “on”, “t” á wọ àárín wọn kí ẹnu má baà kọ́: “A-t-il payé ?” Bí ó bá parí sí “d”, kò nílò “t” mìíràn, torí pé “d” yẹn fúnra rẹ̀ la máa pè ní “t”: “Vend-il du riz ?” Pẹ̀lú “je”, “Puis-je” àti “Dois-je” la sábà máa ń gbọ́. Fi “Est-ce que je” ṣe ìyókù.

Má fi “Veux-tu manger ?” pe ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá, bí ẹni ń kàwé ló máa dún. “Tu veux manger ?” ti tó. “Tu fais quoi ?” náà dára láàárín ọ̀rẹ́: “que” tó bá lọ sẹ́yìn á di “quoi”. Ṣùgbọ́n “Comment allez-vous ?” ń lọ níbi gbogbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yí i padà.

Fún ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ, há méjì yìí sórí: “Quand pourrais-je commencer ?”, ìyẹn ni pé, ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀, àti “Quels seront mes horaires ?”, ìyẹn ni pé, àwọn wákàtí wo ni n ó máa ṣiṣẹ́. Bí ọ̀gá bá ti ń fi “Est-ce que” bi ọ́ ní tirẹ̀, ìwọ náà lè máa fi bi í, ṣùgbọ́n kí “vous” má kúrò lẹ́nu rẹ títí wọ́n á fi sọ fún ọ pé kí o máa pe àwọn ní “tu”.