Èsì: Títa ìnfọ́ìsì tí wọn ò tíì san

"Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ra ìnfọ́ìsì tí oníbàárà mi ò tíì san ní 3% péré làwọn máa yọ lórí ẹ̀. Ṣé kò wọ́n?"

Ẹ má jẹ́ kí "péré" yẹn tàn yín o. Ẹ bi wọ́n bóyá oṣooṣù ni. Ká ní oṣooṣù ni, tí ìnfọ́ìsì yín sì jẹ́ 100,000: wọ́n á kọ́kọ́ fún yín ní 80,000, wọ́n á di 20,000 mú. Bí oníbàárà bá san lẹ́yìn 60 ọjọ́, wọ́n á yọ 6,000, ẹ ó gba 14,000. Ṣùgbọ́n 80,000 lẹ rí lò, nítorí náà 7.5% lẹ san lóṣù méjì, bíi 45% lọ́dún! Ẹ tún ka àdéhùn yẹn dáadáa: bí oníbàárà ò bá san, ta ló máa gbé gbèsè náà? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin ni, ẹ ó sì dá 80,000 wọn padà.