Àkọlé wo ló ń mú kí wọ́n ṣí ímeèlì iṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi ímeèlì wá iṣẹ́ akáńtì. "Application for the position of an Accountant in your esteemed organization" ni mo máa ń kọ sí àkọlé, kò sì sẹ́ni tó ń fèsì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ní àwọn tí òun ń kọ̀wé sí náà kì í ṣí i. Kí ni ká máa kọ?

Ìdáhùn: Orí fóònù lọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wo ímeèlì, fóònù kì í sì í sábà fi ju bíi lẹ́tà 35 sí 40 hàn kó tó gé àkọlé. Ẹ ka tiyín, àti àlàfo àárín ọ̀rọ̀: ẹ máa ka 35 kí ẹ tó kan "Accountant". Ohun tó hàn kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù tó ń wá iṣẹ́. Ẹ fi orúkọ iṣẹ́ ṣáájú, kí ìlú tẹ̀ lé e, kí ẹ wá fi ohun tí wọ́n béèrè tí ẹ sì ní kún un: "Accountant Ibadan – ICAN, 5 years". Lẹ́tà 33 péré ni. Orúkọ yín lè wà lẹ́yìn, torí orúkọ ẹni tó fi ímeèlì ránṣẹ́ máa ń hàn lọ́tọ̀. Ẹ ṣáà rí i pé kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ ló wà níbẹ̀.

Tí ìpolówó iṣẹ́ bá sọ ohun tí ẹ máa kọ sí àkọlé, ẹ gbàgbé àbá mi, òun gan-an ni kí ẹ kọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣètò Gmail báyìí:

```
subject:"Accountant Ibadan"
```

Èyí tó bá bá a mu á bọ́ sí àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Gmail kì í fi "Acct" pe "Accountant", nítorí náà ẹni tó gé ọ̀rọ̀ kúrú lè ṣubú síta láìmọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rán wọn létí lẹ́yìn náà, ẹ fèsì sórí ímeèlì àkọ́kọ́ láìyí àkọlé padà. Tí ẹ bá yí i, Gmail á kà á sí ọ̀rọ̀ tuntun, síívì yín á sì kù sẹ́yìn.

Ti ẹ̀gbọ́n yín le díẹ̀, torí àwọn oníjìbìtì ti ba ọjà jẹ́. "URGENT JOB OFFER" àti "Congratulations, you have been shortlisted" ni wọ́n ń lò, ẹni tí kò wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín á sì rò pé gbájú-ẹ̀ ni. Kí wọ́n kọ iṣẹ́, ìlú àti owó oṣù: "Accountant, Ibadan: ₦250,000 monthly". Owó yẹn ni àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń fi pa mọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń mú kéèyàn ṣí i. Kí wọ́n má fi "Re:" síwájú ìwé tí ẹnì kankan kò kọ sí wọn rí. Bí ẹni náà bá ṣí i tó rí i pé irọ́ ni, kò ní fèsì.

Tó bá jẹ́ ìpè sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọjọ́ àti aago ni kó ṣáájú: "Interview Tue 14 Oct, 10am – Accountant". Ẹni tí wọ́n pè á lè wá a rí láàárọ̀ ọjọ́ náà.