₦50,000 l'Óṣogbo: àkàrà, pí-ó-ẹ̀sì àbí àdìrẹ?

"Ẹ jọ̀ọ́, ₦50,000 ló wà lọ́wọ́ mi l'Óṣogbo. Àkàrà dídín, pí-ó-ẹ̀sì àti àdìrẹ ni mò ń rò. Mo fẹ́ kí owó ti máa wọlé kí oṣù yìí tó parí. Èwo ni kí n mú?"

Ẹ dín àkàrà.

Pí-ó-ẹ̀sì lè mówó wọlé lọ́jọ́ kìíní, àmọ́ owó gan-an ni ọjà níbẹ̀. Bí èèyàn mẹ́ta bá gba ₦15,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦45,000 ti wọ àkáǹtì, ₦5,000 ló kù nínú àpò yín. Ẹni kẹrin á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àléètì ayédèrú kan ṣoṣo sì tó láti gbé èrè ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ.

Ti àdìrẹ, ìlú aró ni Òṣogbo, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rẹ ẹ́ fi pọ̀. Aṣọ, aró, sódà, ìbọ̀wọ́, ẹ ó ti ra gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló tún máa ń fẹ́ tà á tán kí wọ́n tó sanwó. Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ gba àsansílẹ̀ tó ra aṣọ àti aró kí ẹ tó dì í rárá.

Àkàrà, oorun ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni: aago mẹ́rin òwúrọ̀ ẹ ti dìde. Owó rẹ̀ ò sì ní ju aago mẹ́sàn-án lọ. Ẹ má tíì ju kóńgò kan lọ. Ká ní ó mú 120 jáde, tí ẹ̀ ń ta ọ̀kan ní ₦50: ₦6,000 nìyẹn. Ká ní ẹ̀wà jẹ́ ₦2,000, òróró ₦1,500, ata, àlùbọ́sà, owó ọlọ àti èédú ₦1,000. Èrè ₦1,500. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lónìí rọ́pò tèmi.

Ẹ wò ó dáadáa: bí òróró bá ti di ìlọ́po méjì, èrè ti tán nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ń kú sí. Ẹ kán ẹ̀wà lílọ̀ díẹ̀ sínú agbada. Tó bá jókòó sísàlẹ̀, òróró ò tíì gbóná, àkàrà á mu ún bíi fóòmù. Tó bá hó tó sì léfòó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa dín in lọ. Omi tó pọ̀ nígbà lílọ̀ náà ń fa mímu yìí. Ẹ pò ó títí á fi fúyẹ́, kí ẹ fi iyọ̀ sí i kẹ́yìn, torí ẹ̀wà tí iyọ̀ ti pẹ́ nínú rẹ̀ kì í wú mọ́.

Ẹ jókòó ti ẹlẹ́kọ, kì í ṣe ti alákàrà mìíràn. Bí òjò bá rọ̀ tí ẹ̀wà lílọ̀ ṣẹ́ kù, ẹ yára fi se mọ́ínmọ́ín. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti kan.